Yíyọ máàkì fún ìdáhùn òdì àti “kò sí ọ̀kan tó tọ̀nà”: bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá wọ́n ń rẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ

Ìkìlọ̀ kan kì í sábà wọ́n lókè ìwé ìbéèrè oní-ABCD: “Ẹ má méfò o! A ó yọ máàkì ẹni tó bá ṣì í.” Ọmọ tó bá fi gbogbo ọkàn gba ìkìlọ̀ yìí gbọ́ ló sábà máa ń pàdánù jù lọ nínú ìdánwò náà. Ọmọ tó mọ ohun kan náà pẹ̀lú rẹ̀, àmọ́ tí ojú rẹ̀ le, á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á sì gba máàkì tó ju tirẹ̀ lọ.

Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń kọ́ni. Àwa àti àwọn olùkọ́ kan láti Iléṣà a máa pàṣípààrọ̀ ìbéèrè kó tó di pé a tẹ̀ ẹ́, kí ojú kejì lè bá wa wò ó. Ohun méjì ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa: iye tí a ó yọ fún ẹni tó ṣì í, àti “kò sí ọ̀kan tó tọ̀nà” tí wọ́n máa ń fi sí ìdí àwọn ìdáhùn. Bí mo ṣe máa ń tẹ̀ lé e láti yẹ̀ wọ́n wò nìyí. Ẹ wá ìwé ìbéèrè yín kan sítòsí, kí ẹ máa fi dánrawò.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ ṣírò ohun tí iye tí ẹ ń yọ ń ṣe gan-an

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò nìyí:

```
S = R - W/(k - 1)
```

R ni iye ìbéèrè tí ọmọ gbà, W ni iye tó ṣì, k sì ni iye ìdáhùn tó wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè tó fò kò fi kún máàkì rẹ̀, kò sì yọ níbẹ̀. Bí ìdáhùn bá jẹ́ mẹ́rin, 1/3 máàkì ni ẹ ó yọ fún àṣìṣe kan. Bó bá jẹ́ márùn-ún, 1/4 ni. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, 1/2 ni. Bó bá jẹ́ “bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́”, odindi máàkì kan ni.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò le. Ẹni tó di ojú tó kàn ń yàn lára mẹ́rin mẹ́rin yóò gba ọ̀kan nínú ìbéèrè mẹ́rin, yóò ṣì mẹ́ta. Ẹ yọ 1/3 lọ́nà mẹ́ta kúrò nínú máàkì kan yẹn, òdo ló kù. Nítorí náà, ìlànà yìí kì í jẹ ẹni tó ń méfò níyà. Ó kàn ń rí i pé ìméfò ojú-dídì kò mú nǹkan kan wálé ni.

Ibi tó ti wá di wàhálà ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà di ojú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò ti mọ̀ pé ìdáhùn méjì kò lè tọ̀nà, tí kò wá mọ èyí tí yóò mú nínú méjì tó kù. Bí ó bá yan ọ̀kan nínú méjì náà, ó ṣeé ṣe kó gba ọ̀kan kó sì ṣì ọ̀kan nínú gbogbo ìbéèrè méjì méjì bẹ́ẹ̀: máàkì 1, ẹ yọ 1/3, ó ku 2/3. Èrè ni. Kódà bó bá jẹ́ ìdáhùn kan ṣoṣo ló lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, èrè díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí a wá sọ fún pé kó má méfò, tó sì fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ju máàkì nù.

Àwọn olùkọ́ kan wà tí wọ́n ń yọ odindi máàkì kan fún àṣìṣe kan nígbà tí ìdáhùn jẹ́ mẹ́rin. Èyí ti kọjá ààlà. Ẹni tí ìdáhùn méjì kù fún yóò jẹ òfo, ẹni tí mẹ́ta kù fún yóò jẹ gbèsè, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì mọ̀ ju ẹni tí kò mọ nǹkan kan rárá lọ. Ní ìdàkejì, ìdánwò NEET tí wọ́n fi ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Íńdíà ń fún ọmọ ní 4 fún ìdáhùn tó tọ̀nà, ó sì ń yọ 1 fún èyí tó ṣì, ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ìbéèrè mẹ́rin, ọ̀kan gba, mẹ́ta ṣì, 4 yọ 3, ó ku 1. Ẹni tó dijú pàápàá ń jèrè níbẹ̀!

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ọmọ méjì tí ìmọ̀ wọn dọ́gba dán ìdánwò yín wò

Ká sọ pé Táíwò àti Kẹ́hìndé jọ kàwé pa pọ̀ ni, ohun tí ọ̀kan mọ̀ ni èkejì mọ̀. Ìbéèrè 40 ni, ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin, ẹ sì ń yọ 1/3. Wọ́n mọ 24 dájú. Nínú 12, wọ́n lè fọwọ́ rọ́ ìdáhùn méjì sẹ́yìn. Wọn kò mọ nǹkan kan nípa 4 tó kù.

Kẹ́hìndé bẹ̀rù. Ó dáhùn 24 tó dá a lójú, ó fi 16 sílẹ̀. Máàkì rẹ̀ jẹ́ 24 nínú 40, ìyẹn 60 nínú ọgọ́rùn-ún.

Táíwò dáhùn gbogbo rẹ̀. Ó gba 24. Nínú 12 yẹn, ó gba 6, ó ṣì 6: 6 yọ 2, ó ku 4. Nínú 4 tí kò mọ̀ rárá, ó gba 1, ó ṣì 3, òdo ni. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 28 nínú 40, ìyẹn 70. Orí lè bá a ṣe é tàbí kó má bá a ṣe é, kí máàkì náà fi bíi méjì sí mẹ́ta lọ sókè tàbí sódò, àmọ́ ibẹ̀ ló máa ń rọ̀gbà yí ká.

Níbi tó jẹ́ pé 70 ni A ń bẹ̀rẹ̀, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, Táíwò gba A, Kẹ́hìndé gba B. Ìmọ̀ kọ́ ló ya wọ́n. Àyà níní ló yà wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí díẹ̀ rèé. Bí gbogbo kíláàsì bá dáhùn gbogbo ìbéèrè láìfo ọ̀kan, yíyọ 1/3 kò lè yí ipò ẹnikẹ́ni padà. Ẹni tó gba 31 á di 28, ẹni tó gba 25 á di 20, ẹni tó gba 19 á di 12. Ẹni tó wà níwájú ṣì wà níwájú, ẹni tó wà lẹ́yìn ṣì wà lẹ́yìn, àfi pé àlàfo àárín wọn fẹ̀ sí i. Ìgbà tí àwọn kan bá fo ìbéèrè, tí àwọn mìíràn kò fò, nìkan ni ìlànà yìí tó lè to àwọn ọmọ lọ́nà mìíràn. A jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tuntun tó ń wọ̀n ni ẹni tó ń bẹ̀rù àti ẹni tí kì í bẹ̀rù.

Ta ló sì ń bẹ̀rù? Àwọn ìwádìí kan fi hàn pé bí ìyọkúrò bá wà, àwọn obìnrin máa ń fo ìbéèrè ju àwọn ọkùnrin tí ìmọ̀ wọn dọ́gba lọ. Nígbà tí orílẹ̀-èdè Ṣílè yọ ìjìyà yìí kúrò nínú ìdánwò ìwọlé yunifásítì wọn, àlàfo tó wà láàárín iye tí obìnrin ń fò àti iye tí ọkùnrin ń fò dínkù gan-an. Ìdánwò SAT ti Amẹ́ríkà, tó ti ń yọ 1/4 láti ọjọ́ pípẹ́, pa á tì ní 2016. Lọ́dọ̀ tiwa, mo fi ọmọ tí wọ́n tọ́ pé kó má sọ ohun tí kò dá a lójú níwájú àgbà kún un. Ọmọbìnrin kan jókòó níwájú mi lẹ́yìn ìdánwò, mo béèrè ìdí tó fi fo ìbéèrè kan. Ó ní, “Mo ti rí i pé kì í ṣe A, kì í sì í ṣe D, sà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ká má méfò.” Mo bi í pé tó bá jẹ́ dandan, èwo ni ì bá mú. Ó nawọ́ sí B láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. B náà ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bí ẹ kò bá lè ṣe kí ẹ má yọ máàkì

Nígbà mìíràn, ẹ̀ka ló pàṣẹ, olùkọ́ kò sì lè yí i. Ẹ rí i pé iye tí ẹ ń yọ kò ju ti ìlànà òkè yẹn lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ìkìlọ̀ “ẹ má méfò” rẹ́, kí ẹ kọ òótọ́ síbẹ̀:

“Ìdáhùn tó tọ̀nà gba máàkì 1. Ìdáhùn òdì yóò yọ 1/3. Ìbéèrè tí ẹ fò kò gba nǹkan kan, kò sì yọ nǹkan kan. Bí ẹ bá lè fi ìdánilójú yọ ìdáhùn kan péré kúrò, ó sàn kí ẹ dáhùn ju kí ẹ fò ó lọ.”

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló ṣe pàtàkì. Ẹ kà á sókè ní kíláàsì kó tó di ọjọ́ ìdánwò, kí ẹ sì ṣírò àpẹẹrẹ kan lójú pátákó, torí ọmọ tí àyà rẹ̀ ń já kò ní lóye rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn.

Bó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà ni, ẹ tún yẹ nǹkan kan wò: ṣé ọmọ tó ti tẹ ìdáhùn kan lè pa á rẹ́ pátápátá? Àwọn ètò kan wà tó jẹ́ pé bí o bá ti tẹ A, o lè yí i sí B, àmọ́ o kò lè padà sí òfìfo mọ́. Níbi tí ẹ bá ti ń yọ máàkì, ìfọwọ́tẹ̀ àṣìṣe lásán yóò di gbèsè. Lórí Moodle, ètò kan tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, ẹ wá `Clear my choice` lábẹ́ ìbéèrè. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má fi ìyọkúrò sí ìdánwò yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yẹ gbogbo “kò sí ọ̀kan tó tọ̀nà” wò lọ́kọ̀ọ̀kan

Ẹ jẹ́ ká gba òótọ́: ọ̀pọ̀ ìgbà ni olùkọ́ ń kọ “kò sí ọ̀kan tó tọ̀nà” torí pé kò rí ìdáhùn ẹ̀tàn kẹrin ronú kàn mọ́. Ìdáhùn mẹ́ta tó dáa tó. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé ó gbọ́dọ̀ pé mẹ́rin, bí kì í bá ṣe ìwé ìdáhùn tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ ló fà á.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ara mi ni pé, bó bá jẹ́ òun gan-an ni ìdáhùn, kí ni ọmọ tó yàn án fi hàn pé òun mọ̀? Ẹ wo èyí: “Ọdún wo ni wọ́n yí orúkọ Yunifásítì Ifẹ̀ padà sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀? A. 1985. B. 1986. C. 1988. D. Kò sí ọ̀kan tó tọ̀nà.” 1987 ni, nítorí náà D ni ìdáhùn. Ọmọ tó mọ 1987 yóò mú D. Ọmọ tó gbà pé 1991 ni, òun náà yóò mú D. Ọmọ tó rò pé 1979 ni pàápàá yóò gba máàkì pípé. Ẹ ti sanwó fún àṣìṣe. Ẹ kàn fi 1987 síbẹ̀, kí ẹ yọ D kúrò.

Níbi ìṣirò, ó ní iṣẹ́ tó dáa tó lè ṣe. “Ìyá kan ra àpò gaàrí kan ní ₦24,000 ní ọjà Atákúnmọ̀sà, ó sì tà á pẹ̀lú èrè 15%. Èló ló tà á?” Bí ìdáhùn bá wà nílẹ̀ pátápátá, ọmọ lè máa mú wọn ní ẹyọ ẹyọ, kó máa fi ṣírò padà títí ọ̀kan yóò fi bá a mu. “Kò sí ọ̀kan tó tọ̀nà” kò jẹ́ kí ó sinmi lé ìyẹn, torí kò dá a lójú pé ìdáhùn wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ fi 27,600 síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kí àwọn ẹ̀tàn tó kù sì jẹ́ àṣìṣe tí ọmọ ń ṣe ní ti gidi: 24,015 fún ẹni tó kàn fi 15 kún un, 20,400 fún ẹni tó yọ ọ́ dípò kó fi kún un. Bí ẹ bá yọ 27,600 kúrò, ẹni tó ṣírò tó rí 26,400 náà yóò bọ́ sí D, yóò sì gbà.

Ọmọ a máa kíyè sí ìwà olùkọ́. Bí gbólóhùn yìí bá wà lábẹ́ ìbéèrè mẹ́jọ oníìdáhùn mẹ́rin, kó jẹ́ òun ni ìdáhùn nínú bíi méjì. Bí kì í bá tọ̀nà rí, àwọn ọmọ tó ti ka ìbéèrè àtijọ́ yóò mọ̀, wọn á kàn fò ó kọjá. Àwọn tí kò rí ìbéèrè àtijọ́ rà kò ní mọ̀.

Ẹ má sì kọ “kò sí nínú èyí tó wà lókè”. Kọ̀ǹpútà máa ń da àwọn ìdáhùn pọ̀, gbólóhùn náà lè bọ́ sí ipò B, kí ìdáhùn gidi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. “Kò sí ọ̀kan tó tọ̀nà nínú wọn” dúró níbikíbi. Lórí Moodle, ẹ tún lè yọ àmì kúrò níwájú `Shuffle the choices?` fún ìbéèrè yẹn nìkan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ má jẹ́ kí méjèèjì pàdé lórí ìbéèrè tó lójú púpọ̀

Ibí ni ìrẹ́jẹ ti ń le jù, torí ọmọ tó mọ̀wé jù ló ń bá. Ẹ wo ìbéèrè yìí:

“Kí ló ń fa ibà? A. Ẹ̀fọn. B. Oòrùn. C. Epo púpọ̀ nínú oúnjẹ. D. Kò sí ọ̀kan tó tọ̀nà.”

Olùkọ́ kọ A sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Gbogbo wa la mọ ẹni tó ṣì ń sọ B àti C nílé, ẹ̀tàn tó dáa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ tó kàwé dáadáa mọ̀ pé ẹ̀fọn kọ́ ló ń fa ibà. Kòkòrò àìfojúrí kan ló ń fà á, ẹ̀fọn kàn ń gbé e kiri ni. Bí D kò bá sí níbẹ̀, á mọ ohun tí olùkọ́ ń wá, á mú A. D ló ṣílẹ̀kùn fún un láti jiyàn. Ó mú D, ó pàdánù máàkì kan, wọ́n tún yọ 1/3 lé e, ìyẹn 4/3 nínú ìbéèrè kan tó mọ̀ ju ẹni tó gbà á lọ.

Òfin mi níbí kò ní àbùjá: bí ìbéèrè bá ń béèrè ohun tó “dára jù”, “ṣe pàtàkì jù” tàbí “fa” nǹkan, kò gbọdọ̀ ní “kò sí ọ̀kan tó tọ̀nà” lábẹ́ rẹ̀. Ìdáhùn tó dára jù nínú mẹ́ta máa ń wà ṣáá. Bóyá ó pé pérépéré ni ọmọ lè jà sí. Èyí tí mo fi rọ́pò tòkè yẹn ni: “Kí ló ń gbé kòkòrò ibà láti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn? A. Ẹ̀fọn. B. Eṣinṣin. C. Ìdun.” Ìdáhùn mẹ́ta ni. Bí wọ́n bá fi dandan lé ìyọkúrò, 1/2 ló di, bó ṣe yẹ kó rí nìyí nínú fáìlì GIFT tí Moodle ń gbà wọlé:

```
::Iba1::Kí ló ń gbé kòkòrò ibà láti ara
ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn? {
=Ẹ̀fọn
~%-50%Eṣinṣin
~%-50%Ìdun
}
```

Fún ìdáhùn mẹ́rin, `-33.33333` ni ẹ ó kọ dípò `-50`. Ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà ẹ̀yìn àmì náà, torí Moodle lè má gba `-33` nìkan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bó bá jẹ́ ìméfò ló ń dùn yín

Ẹgbẹ́ olùkọ́ kan n'Íléṣà bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, bí a kò bá yọ máàkì, ṣé olódo kò ní gba ẹnu ọ̀nà wọlé?” Ẹ̀rù yẹn kò ṣàìnídìí, ṣùgbọ́n iye ìbéèrè ló ń wò ó sàn. Nínú ìbéèrè 20 oníìdáhùn mẹ́rin, tí 40 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ máàkì àṣeyọrí, ẹni tó dijú yàn gbogbo rẹ̀ nílò 8. Nínú irú ẹni bẹ́ẹ̀ 100, bíi 10 ni yóò yege. Ẹ sọ ìbéèrè di 40, ó nílò 16, bíi 3 nínú 100 ni yóò sì yege. Oríire kì í pẹ́ lórí ìbéèrè púpọ̀. Ẹ lè gbé máàkì àṣeyọrí sókè díẹ̀ pẹ̀lú, bí òfin ilé-ẹ̀kọ́ yín bá gbà á. Kò sí èyí tó nílò kí ẹ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ keje: lẹ́yìn ìdánwò, kí ẹ tó fi èsì síta

Ẹ to ìwé àwọn ọmọ láti orí máàkì tó ga jù dé èyí tó kéré jù, kí ẹ mú 27 àkọ́kọ́ àti 27 ìkẹyìn nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tó ní “kò sí ọ̀kan tó tọ̀nà”, ẹ ka iye tó mú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ méjèèjì. Ká sọ pé lórí ìbéèrè ẹ̀fọn yẹn, nínú 27 tó wà lókè, 11 mú A, 14 mú D, 2 fò ó. Nínú 27 tó wà nísàlẹ̀, 17 mú A, 5 mú B, 2 mú C, 3 mú D. Àwọn tó mọ̀wé ló ń ṣì í, àwọn tí kò mọ̀ ló ń gbà á. Ìbéèrè náà ló ṣẹ̀, kì í ṣe àwọn ọmọ.

Ẹ tún ka òfìfo. Ẹ wá àwọn tó gba púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n dáhùn, àmọ́ tí wọ́n fò púpọ̀: ẹni tó dáhùn 26, tó gba 24, tó fi 14 sílẹ̀. Bí òfìfo yẹn bá wà káàkiri ìwé, ẹ̀rù ló fà á. Bó bá jẹ́ ìparí ìwé ni gbogbo rẹ̀ kó jọ sí, àkókò ló tán mọ́ ọn lọ́wọ́, ìyẹn ọ̀ràn mìíràn.

Fún ìbéèrè tó ṣẹ̀, ẹ fún ẹni tó mú A àti ẹni tó mú D ní máàkì, kí ẹ sì dá 1/3 tí ẹ ti yọ padà. Ó sàn ju kí ẹ fagi lé ìbéèrè náà lọ, torí ìyẹn yóò gba máàkì lọ́wọ́ àwọn tó gbà á láìṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá rí i pé ìyọkúrò ọ̀hún ló da gbogbo ìdánwò rú, ẹ má kàn yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò kí ẹ sì pe ìyẹn ní àtúnṣe. Kẹ́hìndé ti fi 16 sílẹ̀ nítorí ohun tí ẹ kọ sórí ìwé. Bí ẹ bá ń ka ìdáhùn tó tọ̀nà nìkan nísinsìnyí, Táíwò yóò gòkè sí 31, Kẹ́hìndé yóò wà lórí 24 rẹ̀, àlàfo mẹ́rin yóò sì di méje. Ìlànà tí ẹ kéde kí wọ́n tó wọlé ni ẹ gbọ́dọ̀ fi máàkì rẹ̀. Ìdánwò tó ń bọ̀ ni ẹ ó ti yí i padà.